Aṣọ Ilé-Ìwé Lọ́jọ́ Ọdún Àjíǹde

Ọ̀rọ̀ tèmi lónìí dá lórí aṣọ ilé-ìwé kan, ṣòkòtò péńpé káákí àti ẹ̀wù funfun, tí mo wọ̀ lọ́jọ́ kan ní ọdún 1972. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ: tí mo rántí pé mo wọ̀. Ohun tó wà láàárín gbólóhùn méjèèjì yẹn ni mo fẹ́ bá yín yẹ̀ wò.

Nígbà tí bàbá wa dolóògbé, àwa ọmọ pinnu láti tẹ ìwé pẹlẹbẹ tí a ó pín níbi ìsìnkú. Ẹ mọ irú ìwé bẹ́ẹ̀: àwòrán olóògbé níwájú, orin ìsìn láàárín, ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan sì kọ ìpínrọ̀ kan tàbí méjì nípa rẹ̀. Awakọ̀ akẹ́rù ni bàbá wa, Ìbàdàn ló ti ṣiṣẹ́. Wọ́n ní kí èmi kọ ti ọjọ́ tí wọ́n yí ọ̀nà ìwakọ̀ padà, torí gbogbo ilé mọ̀ pé èmi ni mo ni ìtàn yẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ ti gbọ́njú nígbà náà yóò mọ ohun tí mò ń sọ. Apá òsì ni ọkọ̀ ń gbà ní Nàìjíríà tẹ́lẹ̀, bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó ṣàkóso wa ṣe ń ṣe nílé wọn. Ṣùgbọ́n àwọn tó múlé tì wá, Dàhómì, Nìjẹ̀ àti Kamẹrúùnù, apá ọ̀tún ni wọ́n ń gbà. Nígbà tó di ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972, àwa náà kọjá sí apá ọ̀tún.

Bí mo ṣe máa ń sọ ọ́ nìyí. Ọmọ ọdún méje ni mí. Bàbá mi ń mú mi lọ sílé-ìwé láàárọ̀ ọjọ́ náà. A dúró lóríta, ó di ọwọ́ mi mú, a ń wo ọkọ̀. Mo wọ ṣòkòtò káákí àti ẹ̀wù funfun, mo gbé àpò ìwé kọ́ èjìká. Ọkọ̀ kan yà sí apá òsì bíi ti àná, ọlọ́pàá fọn fèrè, àwọn èèyàn pariwo. Bàbá mi bú sẹ́rìn-ín, ó ní, “Òsì tí ọwọ́ ti ń mọ̀ láti ogún ọdún, òru ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n ní kó fi gbàgbé rẹ̀!” Ó lé ní ogójì ọdún tí mo fi sọ ìtàn yìí, n kò sì ṣiyèméjì nípa rẹ̀ rí.

Mo ti kọ ọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ tán kó tó wá sí mi lọ́kàn láti ṣí kàlẹ́ńdà inú fóònù. Mo fà á sẹ́yìn títí ó fi dé 1972. Ọjọ́ kejì oṣù kẹrin, ọjọ́ Àìkú ni. Kì í tilẹ̀ ṣe ọjọ́ Àìkú lásán, Ọdún Àjíǹde gan-an ni. Ọjọ́ kejì rẹ̀ ni Mọ́ńdè Àjíǹde, ọlidé nìyẹn náà. Kò sí bàbá tó ń mú ọmọ lọ sílé-ìwé lọ́jọ́ méjèèjì. Mo jókòó, mo ń wo fóònù bí ẹni tí wọ́n já irọ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, irọ́ kọ́ ni mo pa.

Ọ̀nà mẹ́ta ló ṣí sílẹ̀ fún mi lálẹ́ ọjọ́ náà, kò sì sí èyí tó dára nínú wọn. Àkọ́kọ́ ni pé kí n fi ìtàn sílẹ̀ bó ṣe wà. Ta ni yóò gbé kàlẹ́ńdà wá síbi ìsìnkú?

Èkejì ni pé kí n bọ́ aṣọ ilé-ìwé kúrò lọ́rùn ọmọ yẹn, kí n wọ aṣọ Ọdún fún un, kí n sì sọ pé ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì la wà. Ìtàn á bá kàlẹ́ńdà mu rẹ́gí. Èyí gan-an ló burú jù nínú gbogbo rẹ̀. N kò rántí aṣọ Ọdún kankan, n kò rántí ṣọ́ọ̀ṣì. Bí mo bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, mo ti di ẹlẹ́rìí ohun tí ojú mi kò rí, kò sì ní sí ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni yóò fi mọ̀ láéláé. Aṣọ ilé-ìwé tí kò bá ọjọ́ mu ṣì ń tọ́ka síbi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́. Bí mo bá tún un ṣe, mo ti nu ẹsẹ̀ nílẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni pé kí n kọ ọ́ sókè pé ó ṣeé ṣe kí àṣìṣe wà nínú ohun tí mo kọ. Ìyẹn dà bí onílé tó sọ fún àlejò pé òrùlé òun ń jò, tí kò sì sọ yàrá tó ti ń jò. Àlejò kò mọ ibi tí òun máa tẹ́ ẹní sí. Mo mọ̀ pé mo ní bàbá, pé awakọ̀ ni, pé wọ́n yí ọ̀nà padà. Kí ló dé tí màá fi da iyèméjì bo ìyẹn náà?

Ẹlòmíràn ti bọ́ sínú irú kòtò yìí ṣáájú mi, ẹni tó sì ṣẹlẹ̀ sí mọ ìrántí dunjú. Ulric Neisser, ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn onímọ̀ nípa ọkàn ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, sọ ọ́ nínú ìwé kan ní 1982. Ọmọdé ni nígbà tí àwọn ará Jàpáànù kọlu Pẹ́ẹ̀lì Habọ̀ ní ọjọ́ keje oṣù kejìlá ọdún 1941. Ó rántí pé òun jókòó sí pálọ̀, òun ń gbọ́ ìdíje bésíbọ́ọ̀lù lórí rédíò, ni wọ́n bá já ètò náà láàárín láti kéde ìkọlù yẹn. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi gbé ìrántí yìí káàkiri kó tó ṣàkíyèsí nǹkan kan tí ọmọ Amẹ́ríkà èyíkéyìí ìbá ti mọ̀: wọn kì í gbá bésíbọ́ọ̀lù ní oṣù kejìlá. Ìgbà òtútù nìyẹn, ìdíje ti parí.

Ìtàn náà kò parí síbẹ̀. Ní 1986, àwọn onímọ̀ méjì míràn yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, wọ́n rí i pé ìdíje kan wà lórí rédíò lọ́jọ́ náà lóòótọ́. Irú bọ́ọ̀lù tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń gbé máyà sáré ni. Orúkọ ẹgbẹ́ méjèèjì tó kópa níbẹ̀ bá orúkọ ẹgbẹ́ bésíbọ́ọ̀lù méjì mu ní Niú Yọ́ọ̀kì. Ó jọ pé orúkọ yẹn ló kù sí ọmọdé náà lórí, ọkàn rẹ̀ sì fi bésíbọ́ọ̀lù dí àlàfo tó kù. Ẹ rí i pé bí a bá rí ohun tí kò ṣeé ṣe nínú ìrántí, kò túmọ̀ sí pé kí a da gbogbo rẹ̀ nù. Èèpo ló yí padà, ọmọ inú rẹ̀ ṣì lè wà níbẹ̀.

Neisser fúnra rẹ̀ kò jẹ́ kó tán síbẹ̀. Ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kìíní ọdún 1986, ọkọ̀ Ṣálẹ́ńjà tó ń lọ sí gbalasa òfurufú gbaná lójú ọ̀run pẹ̀lú èèyàn méje nínú rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Neisser àti Nicole Harsch ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Emory ní Àtìláńtà kọ ọ́ sílẹ̀: ibo lo wà nígbà tí o gbọ́, ta ló sọ fún ọ, kí lò ń ṣe? Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún méjì àbọ̀, wọ́n tún bi mẹ́rìnlélógójì nínú wọn ní ìbéèrè kan náà. Mọ́kànlá nínú wọn kò gba ẹyọ kan nínú kókó ọ̀rọ̀ náà. Síbẹ̀ ó dá ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ṣìnà lójú bí ẹni pé àná ló ṣẹlẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé ìwé tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kọ sí iwájú wọn, ìrántí ti àtijọ́ kò padà wá.

Ẹ̀kọ́ tí mo fà yọ níbẹ̀ ni pé bí nǹkan ṣe dá mi lójú tó kì í ṣe ìwọ̀n bó ṣe jẹ́ òótọ́ tó. Ẹni tó ń sọ ọ́ láì gbé ọ̀rọ̀ mì lè wà lára àwọn mọ́kànlá yẹn. Ohun tó yẹ kí n bi ara mi ni ibi tí mo ti rí i, kì í ṣe bóyá ó dá mi lójú.

Níbi tí a dé yìí, èdè wa ní ohun èlò tó mú. Ní 1986 kan náà, Barry Hallen àti Ọlúbí Ṣódípọ̀, tí àwọn méjèèjì ti ṣe olùkọ́ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀, tẹ ìwé kan jáde lórí ọ̀rọ̀ méjì: ìmọ̀ àti ìgbàgbọ́. Àwọn oníṣègùn ni wọ́n jókòó tì, wọ́n ń bi wọ́n léèrè bí Yorùbá ṣe ń lo ọ̀rọ̀ wọ̀nyí. Ìdáhùn tí wọ́n rí gbà ni pé ohun tí mo fojú ara mi rí, tó sì yé mi, ìyẹn ni mo mọ̀. Ohun tí ẹlòmíràn sọ fún mi, kódà kó jẹ́ olùkọ́ tàbí ìwé, mo gbà á, mo gbọ́ ọ ni: ìgbàgbọ́ ni, títí tí màá fi dán an wò fúnra mi. Abájọ tí àgbàlagbà inú ilé fi máa ń sọ pé “wọ́n ní,” “a gbọ́ pé,” “èyí ṣojú mi.” Ó ń fi àmì sára ẹrù ni, kí ẹni tó gbà á lè mọ ọjà tó ti wá.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé àmì yẹn máa ń já bọ́ bí ọjọ́ ṣe ń gorí ọjọ́. Ohun tí a gbọ́ nígbà èwe, tí a sì ń sọ lásọtúnsọ, á dìde níbi tó jókòó sí, á lọ jókòó sórí àga ohun tí a rí. Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ bí èyí ti ṣẹlẹ̀ sí tèmi?

Mo di ojú mi, mo tún wo oríta yẹn. Lọ́tẹ̀ yìí, mo béèrè ibi tí ojú mi wà. Ẹ̀yìn ọmọ yẹn ni mò ń wò. Mo rí àpò léjìká rẹ̀, mo rí ọwọ́ rẹ̀ nínú ọwọ́ bàbá. Ọmọ wo ló ń rí ẹ̀yìn ara rẹ̀? Bí èmi bá wà níbẹ̀, ọkọ̀ ló yẹ kí n máa rí, àti ṣòkòtò bàbá mi ní ọ̀gangan ojú mi. Kí n má ṣi yín lọ́nà o: kì í ṣe gbogbo ìrántí tí a ti rí ara wa láti ìta ló jẹ́ àdàlù. Ìrántí tó ti pẹ́, tó sì jẹ́ òótọ́, máa ń yí bẹ́ẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n ó fi hàn mí pé ọwọ́ kan ti tún àwòrán yẹn yà lẹ́yìn ọjọ́ náà. Mo wá rántí pé fọ́tò kan wà lára ògiri pálọ̀ wa títí tí mo fi dàgbà, fọ́tò tí mo yà nínú aṣọ ilé-ìwé, káákí àti funfun. Bóyá ibẹ̀ ni aṣọ yẹn ti wọlé. Mo ní “bóyá,” torí mo rò ó ni, n kò rántí rẹ̀.

Mo bá pe ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ta ló wà lọ́dọ̀ Bàámi lóríta lọ́jọ́ tí wọ́n yí ọ̀nà padà?”

Ó ní, “Èmi ni. Ibà ló dá ìwọ dúbúlẹ̀ nílé. Èmi ni mo délé tí mo wá ròyìn fún ọ. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ tí ò ń sọ ọ́, mo kàn ń wò ọ́ ni.”

Ó ní àwọn ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì, òun wọ gáùn funfun tí ìyá wa rán fún Ọdún. Mo dákẹ́. Ó ṣòro kí èèyàn gbọ́ pé wọ́n ti gba bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ní oríta. Ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe ohun àjèjì. Àwọn aṣèwádìí ní Nìú Sílándì tẹ iṣẹ́ kan jáde ní 2001 lórí àwọn ìbejì tó ti dàgbà, wọ́n sì bá ọ̀pọ̀ ìrántí tí Táíwò àti Kẹ́hìndé jọ ń jà sí, tí oníkálukú ń sọ pé òun ló ṣẹlẹ̀ sí.

Ó wù mí kí n gba ti ẹ̀gbọ́n mi kí ọ̀rọ̀ tán. Gáùn Ọdún bá kàlẹ́ńdà mu, ó sì jù mí lọ lọ́jọ́ orí. Ṣùgbọ́n ohun tí mo ti sọ nípa ìdánilójú kan òun náà. Ó lè jẹ́ pé ó ti mọ̀ tipẹ́ pé Ọdún Àjíǹde lọ́jọ́ náà, kí gáùn sì tẹ̀lé e wọlé. Bí mo bá sin ìtàn tèmi kí n lè gbé tirẹ̀ ga, mo kàn pààrọ̀ ẹni tó dá lójú ni.

Ohun kan tún wà nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi: ibà yẹn. N kò rántí pé ibà ṣe mí. Díẹ̀ ló kù kí n sọ pé, “Ibà kankan kò ṣe mí.” Ẹ wo bí ahọ́n ṣe lè yọ̀ kọjá. “N kò rántí” ń sọ̀rọ̀ nípa orí mi. “Kò ṣẹlẹ̀” ń sọ̀rọ̀ nípa ayé. Ẹ máa ń gbọ́ ọ níbi ìpàdé ẹbí lórí ilẹ̀: ẹnì kan á ní òun kò rántí pé bàbá ta apá kan fún ẹnikẹ́ni, kó tó di ìrọ̀lẹ́ ó ti di pé bàbá kò tà á. Àìrántí kì í ṣe ẹ̀rí fún ẹnikẹ́ni. A tún ní àwọn tó ń fi “n kò rántí” sá pamọ́ fún ohun tí wọ́n mọ̀ dájú. Ohun tí a fi ń dá wọn mọ̀ ni pé ìgbàgbé tiwọn kì í yà sí ibòmíràn, ibi tí owó tàbí ẹ̀bi wà nìkan ló máa ń yà sí. Ẹni tó ń sọ òótọ́ nípa ìgbàgbé rẹ̀ máa ń gbàgbé ohun tí ì bá ṣe é lóore náà.

Ó ku ọ̀rọ̀ ẹnu bàbá mi, èyí tí mo fi sáàárín àmì ọ̀rọ̀ bí ẹni pé mo gbà á sórí kásẹ́ẹ̀tì. Oríkì ìdílé wa, mo lè kà á fún yín láì ṣi ọ̀rọ̀ kan gbé, torí pé wọ́n ń kì í léraléra, bákan náà sì ni wọ́n ń kì í. Ṣùgbọ́n àwàdà tí èèyàn dá lẹ́ẹ̀kan péré lóríta, ta ló lè mú un wá lódindi lẹ́yìn ogójì ọdún? Nígbà tí mo fẹ́ ẹ bí ọkà, ohun tó kù nínú atẹ ni pé ó fi ọwọ́ àwọn awakọ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, ọ̀rọ̀ ìgbàgbé sì wà níbẹ̀. Ìlù gbólóhùn yẹn, ẹnu tèmi ló ti wá. Mo yọ àmì ọ̀rọ̀ náà kúrò.

Bí ẹ bá ń fẹ́ ẹni tí a lè fi ṣe àwòkọ́ṣe, ẹ wo Àjàyí Crowther. Ní 1837, ní Sàró, ó kọ lẹ́tà nípa bí wọ́n ṣe kó o lẹ́rú ní Òṣogùn. Ó rántí pé àárọ̀ ni, lásìkò oúnjẹ òwúrọ̀, ni ogun dé; ó rántí pé wọ́n fi òun ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin. Ṣùgbọ́n nígbà tó kan ọjọ́ tí èyí ṣẹlẹ̀, kò dá ọjọ́ kankan: òun rò pé nǹkan bí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1821 ni. Ọjọ́ tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà wọ́n lójú òkun wà lákọsílẹ̀, ọjọ́ keje oṣù kẹrin ọdún 1822 ni. Ní Òṣogùn, kò sí ẹni tó ń kọ nǹkan sílẹ̀, ọmọdé sì ni òun. “Mo rò pé” yẹn kò sọ ẹṣin di iyèméjì. Ibi tó ń jò gan-an ló gbé e lé.

Mo gbìyànjú láti ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo fi sínú ìwé pẹlẹbẹ náà nìyí:

“Ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972 ni ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gba apá ọ̀tún. Mo rántí bàbá mi pẹ̀lú ọmọ kan lóríta, tó ń wo ọkọ̀, tó sì ń fi ọwọ́ àwọn awakọ̀ ṣe àwàdà. N kò rántí ọ̀rọ̀ tó sọ gan-an. Lójú tèmi, èmi ni ọmọ náà, mo sì wọ aṣọ ilé-ìwé. Ṣùgbọ́n Ọdún Àjíǹde ni ọjọ́ yẹn, kò sí ilé-ìwé, ó sì ṣeé ṣe kí n ti mú aṣọ yẹn láti inú fọ́tò pálọ̀ wa. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin sọ pé òun ni ọmọ náà, pé ibà ń ṣe mí nílé. N kò rántí ibà, ṣùgbọ́n n kò lè sọ pé kò ṣe mí. Ohun tí àwa méjèèjì jọ gbà ni pé bàbá wa rẹ́rìn-ín.”

Lọ́jọ́ ìsìnkú, bàbá arúgbó kan tí òun àti bàbá wa jọ wa ọkọ̀ pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ìwé náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti ka ibẹ̀. Ó ní, “Ọmọ mi, ta ló sọ fún yín pé ọjọ́ Àìkú ni? A ò gbé ọkọ̀ jáde nígbà Ọdún. Ọjọ́ Túsìdeè, tí ọlidé parí, la tó dúró lóríta wo bí ó ṣe máa rí kí a tó gbé ọkọ̀ wa. Bàbá yín wà níbẹ̀.”

Ọkàn mi sọ kúlú. Bó bá jẹ́ Túsìdeè, aṣọ ilé-ìwé lè padà sọ́rùn mi. Mo ní, “Bàbá, ṣé ọmọ wà lọ́dọ̀ rẹ̀?”

Ó ní, “Ọmọ kan wà.”

“Ṣé ọkùnrin ni àbí obìnrin?”

Ó ronú fún ìgbà díẹ̀. Ó wo ìwé ọwọ́ rẹ̀, ó wò mí, ó wá rẹ́rìn-ín. “Ìyẹn,” ó ní, “n kò lè búra.”

Èmi náà kò lè búra.